Bí a ṣe ń yọ ìràwọ̀ títàn kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìpolówó kí àwọn èèyàn má baà rò pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́

Obìnrin kan tó ń ta àtùpà oníbátìrì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pè mí lọ́jọ́ kan, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Òru mẹ́ta gbáko ló fi kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àtùpà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde. Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì kò béèrè iye tí wọ́n ń tà á, kò sì béèrè bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tó kọ ni pé: "Ṣé èèyàn wà níbí, àbí ẹ̀rọ ló ń bá wa sọ̀rọ̀?" Ẹnì kejì ní kí àwọn èèyàn ṣọ́ra, pé ó jọ iṣẹ́ oníjìbìtì. Obìnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀ látòkèdélẹ̀. Mi ò lo ẹ̀rọ kankan."

Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí mi, mo rí ohun tí àwọn èèyàn yẹn rí. Bó ṣe kọ ọ́ nìyí:

✨ Ṣé o ti ṣetán láti rí ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀nà tuntun? ✨
🚀 Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ga jù lọ
🔋 Bátìrì tí kì í já ni kulẹ̀
💡 Ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ kedere fún gbogbo ẹbí
✅ Ó rọrùn ✅ Ó lágbára ✅ Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé
🔥 Má jẹ́ kó kọjá rẹ! Ra tìrẹ lónìí! 👇👇👇

Ìlà mẹ́fà, àwòrán méjìlá. Iṣẹ́ mi ni láti máa tún ọ̀rọ̀ ìpolówó kọ fún àwọn tó ń tajà, irú ọ̀rọ̀ yìí sì ti wá di ohun tí mò ń rí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ó máa ń dùn mí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ mọ ọjà wọn dénú. Wọ́n kàn kó ìmọ̀ yẹn pamọ́ sẹ́yìn ìràwọ̀ ni. Èmi àti obìnrin náà jọ tún ìpolówó àtùpà yìí ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohun tí a ṣe ni mo fẹ́ fi hàn yín ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí ìfura náà ti wá, torí pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò yọ àwòrán tán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì tún jọ ti ẹ̀rọ síbẹ̀.

Ibi tí ìfura ti wá

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Bí a bá ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú, ẹ̀rín rẹ̀, bó ṣe fajú ro, bó ṣe gbé ojú sókè, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ nǹkan. Lẹ́tà kò ní ojú, àìní yìí sì wà lára ohun tí èmójì wá dí. Ní Japan ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lápá ìparí àwọn ọdún 1990. Ní 1999, Shigetaka Kurita ṣe àwòrán kéékèèké 176 fún ilé iṣẹ́ fóònù NTT DoCoMo, kí ọ̀rọ̀ kúkúrú lórí fóònù lè gbé ju lẹ́tà lásán lọ. Ìràwọ̀ títàn, ✨, wọ inú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń fún lẹ́tà àti àmì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní 2010; nọ́ńbà rẹ̀ níbẹ̀ ni U+2728. Fún ọdún púpọ̀, ohun tí àwọn èèyàn fi ń sọ ni pé nǹkan tuntun ni, tàbí pé ó mọ́ tónítóní, tàbí pé ó rẹwà.

Lẹ́yìn tí ChatGPT jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, iṣẹ́ mìíràn já lé ìràwọ̀ yìí lórí. Àwọn ilé iṣẹ́ sọ́fítíwíà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ títàn sára bọ́tìnnì tí ọgbọ́n àtọwọ́dá wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo àmì Gemini ti Google: ìràwọ̀ onígun mẹ́rin ni. Ẹ ṣí ibi ìkọ̀wé lórí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà lónìí, ẹ ó rí ìràwọ̀ kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ó ti ń sọ pé òun lè bá yín kọ ọ́. Ẹni tó ń ka ìpolówó yín ti rí àmì yìí lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ohun tó sì ń sọ fún un nígbà gbogbo ni pé: ẹ̀rọ ló wà níbí. Tó bá wá rí ìràwọ̀ kan náà ní iwájú ọ̀rọ̀ yín, kò ní dúró rò ó kó tó dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé máa ń to èmójì bẹ́ẹ̀ gan-an. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ẹ̀rọ yìí ni pé wọ́n á kọ́kọ́ fún un ní àìlóǹkà ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn ti kọ, ìpolówó ọjà sì pọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á ní kí àwọn èèyàn yan ìdáhùn tó wù wọ́n jù nínú méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n tò ní ìlà ìlà, tí àwòrán wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, máa ń jọ iṣẹ́ tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe ní ojú ẹni tó ń wò ó fìrí. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Meta gbé ẹ̀dà kan tí wọ́n ń dán wò lára ẹ̀rọ ìkọ̀wé wọn, Llama 4 Maverick, lọ sí LMArena, níbi tí àwọn èèyàn ti ń dìbò fún ìdáhùn ẹ̀rọ tó wù wọ́n. Nígbà tí LMArena gbé àwọn ìdáhùn náà síta, àwọn tó kà wọ́n rí i pé wọ́n gùn, èmójì sì kún inú wọn ju ti ẹ̀dà tí Meta gbé jáde fún gbogbo èèyàn lọ. Ohun tí a ń dìbò fún ni ẹ̀rọ ń ṣe fún wa.

Nítorí náà, àwa la kọ́kọ́ kọ̀wé báyìí, ẹ̀rọ kọ́ ọ lára wa, ó sì ń kọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu débi pé ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ lónìí ló jọ ẹni tó ń farawé ẹ̀rọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin alátùpà yẹn nìyẹn.

Ìdí kẹta ni mo kà sí pàtàkì jù, òun náà ló sì bí ọ̀rọ̀ oníjìbìtì tí ẹnì kejì sọ. Ẹ tún wo ìlà kẹta: 🔋 Bátìrì tí kì í já ni kulẹ̀. Kí ni àwòrán bátìrì yẹn ń ṣe níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà ti sọ pé bátìrì ni, àwòrán kò fi nǹkan kan kún un. Ibi tó jókòó sí ni ó yẹ kí iye wákàtí wà. ✅ tó wà níwájú "Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé" ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan ti yẹ̀ ẹ́ wò tó sì fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó yẹ nǹkan kan wò. Èmójì ti jókòó sí ìjókòó ẹ̀rí. Ẹni tí wọ́n ti lù ní jìbìtì rí mọ bí irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: àwọ̀ á pọ̀, ariwo á pọ̀, wọ́n á ní kó ṣe kíá, kò sì ní sí ohun kan tó lè dì mú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yọ gbogbo àwòrán, kí ẹ ka ohun tó kù sókè

Ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ sí ojú ewé mìíràn kí ti àkọ́kọ́ má baà sọnù, lẹ́yìn náà ẹ pa gbogbo èmójì rẹ́. Ẹ má dá ọ̀kan sí, kódà èyí tí ẹ fẹ́ràn. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ pa àmì ìyanu tó wà ní ìparí gbolóhùn rẹ́, kí ẹ sì fi àmì ìdánudúró lásán síbẹ̀. Ẹ wá ka ohun tó kù sókè bí ẹni ń kà á fún ẹlòmíràn.

Ti àtùpà wa ṣẹ́ kù báyìí: "Ṣé o ti ṣetán láti rí ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀nà tuntun? Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ga jù lọ. Bátìrì tí kì í já ni kulẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó mọ́ kedere fún gbogbo ẹbí. Ó rọrùn. Ó lágbára. Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Má jẹ́ kó kọjá rẹ. Ra tìrẹ lónìí." Obìnrin náà dákẹ́ lórí fóònù nígbà tí mo kà á tán. Ó ní, "Mi ò tíì sọ nǹkan kan."

Ìdánwò kan wà tí mo máa ń ṣe níbí. Ẹ mú ìlà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ọjà mìíràn rọ́pò tiyín nínú rẹ̀. "Ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tó ga jù lọ" ṣeé lò fún bàtà, fún ẹ̀rọ ìfọṣọ, fún aago ọwọ́. "Ó rọrùn" ṣeé lò fún ohunkóhun tó wà láyé. Ìlà tí ọjà mìíràn bá lè gbé wọ̀ láìṣe àtúnṣe, kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ọjà yín. Nínú ìlà mẹ́fà, mẹ́ta péré ló jẹ́ ká mọ̀ pé ohun tó ń tàn, tó sì ń lo bátìrì, là ń tà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn náà kò sì ṣeé dì mú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró síbí. Wọ́n á yọ èmójì, wọ́n á gbé ohun tó kù síta, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Èmójì tí ẹ yọ fi ihò sílẹ̀, ihò náà sì gbọ́dọ̀ kún.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ fi ohun tí olùrà lè yẹ̀ wò sí ibi tí àwòrán ti kúrò

Iṣẹ́ gidi wà níbí, kò sì sí ọ̀nà àbùjá. Fún ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín pé: bí olùrà bá gbé ọjà yìí délé, kí ló lè ṣe láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni mo sọ? Tí kò bá sí ohun tó lè ṣe, ìlà náà ṣófo.

Mo bi obìnrin náà ní ìlà sí ìlà. Mo ní, "Bátìrì tí kì í já ni kulẹ̀, wákàtí mélòó ni ìyẹn?" Kò rò ó rárá. Ó ní tí èèyàn bá tan án dé ibi tó mọ́lẹ̀ jù, wákàtí márùn-ún ni. Tí èèyàn bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, wákàtí mọ́kànlá. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní òun tan mẹ́ta sílẹ̀ nínú yàrá, òun sì kọ àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kú sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹ wo nǹkan! Obìnrin yìí ti ṣe ìdánwò, ó ní àkọsílẹ̀, ó sì lọ fi àwòrán bátìrì rọ́pò gbogbo rẹ̀.

Mo tún ní, "Ó rọrùn. Báwo?" Ó ní kò wúwo. Mo ní kó gbé e lé ìwọ̀n nígbà tí mo ṣì wà lórí fóònù. Gíráàmù 310. Ó ní ìkọ́ wà lórí rẹ̀, èèyàn lè fi gbé e kọ́ sára ìṣó kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣiṣẹ́. "Ó lágbára" kò rí èsì tó dájú, nítorí náà a pa á rẹ́. "Ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé" wá di ọ̀rọ̀ lórí ohun tí yóò ṣe bí àtùpà náà bá bàjẹ́: tí bátìrì bá kú láàárín ọdún kan, yóò gba àtùpà náà padà, yóò sì fún olùrà ní òmíràn. Gbolóhùn kan yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ✅ mẹ́ta kò lè ṣe, nítorí pé ó lè ná ẹni tó sọ ọ́ lówó. Ẹni tó ń ka ìpolówó mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlérí tó lè gbówó lọ́wọ́ èèyàn àti àwòrán tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi kádìí rẹ̀ ni èyí tí àwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ dáhùn: kí ni kò dára lára rẹ̀? Ó lọ́ra díẹ̀, ó wá ní bọ́tìnnì rẹ̀ wà lábẹ́, tó jẹ́ pé èèyàn á máa fọwọ́ tá a kiri nínú òkùnkùn títí yóò fi mọ́ ọn lára. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ àbùkù kékeré ọjà rẹ̀ fúnra rẹ̀, ohun rere tó sọ nípa rẹ̀ á túbọ̀ ṣeé gbà gbọ́. Ìpolówó tí ẹ̀rọ kọ láìjẹ́ pé ẹnì kan sọ fún un kì í mọ irú àbùkù bẹ́ẹ̀, torí pé ẹni tó ti fọwọ́ tá bọ́tìnnì rí nìkan ló lè mọ̀ ọ́n.

Ìkìlọ̀ kan: ẹ má fi nọ́ńbà tí ẹ kò wọ̀n síbẹ̀. Tí ẹ kò bá tíì mọ iye wákàtí, ẹ lọ tan án sílẹ̀ kí ẹ wo aago. Nọ́ńbà èké burú ju ìràwọ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ kọ ọ́ ní gbolóhùn tó so mọ́ra

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ onílà ìlà, tí gbogbo ìlà gùn bákan náà, tí àwòrán wà níwájú gbogbo rẹ̀, máa ń sọ gbogbo nǹkan di ọ̀kan náà. Wákàtí tí bátìrì ń lò àti ìkọ́ kékeré orí rẹ̀ á wá jókòó bí ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Gbolóhùn lè sọ fún èèyàn pé èyí ló ṣe pàtàkì, tọ̀hún tẹ̀ lé e. Ohun tí a kọ nígbẹ̀yìn nìyí:

"Àtùpà yìí ń tàn fún wákàtí márùn-ún tí ẹ bá tan án dé ibi tó mọ́lẹ̀ jù, àti fún mọ́kànlá tí ẹ bá dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Mo tan mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kí n tó kọ èyí. Tí bátìrì bá ti gbẹ, wákàtí mẹ́rin ló fi ń kún. Gíráàmù 310 ni ìwọ̀n rẹ̀, ó sì ní ìkọ́ tí ẹ lè fi gbé e kọ́ kí ọwọ́ yín lè ráyè. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà lábẹ́. Ó máa ń gba ọjọ́ méjì mẹ́ta kó tó mọ́ èèyàn lára. Bí bátìrì bá kú láàárín ọdún kan, ẹ dá a padà, màá fún yín ní òmíràn."

Kò gùn. Kò sí ibi tó ti pariwo. Ẹ tún kíyè sí i pé "ẹ" la fi bá olùrà sọ̀rọ̀ báyìí, kì í ṣe "o" bíi ti àkọ́kọ́. Ẹni tí a kò mọ̀ rí, tó lè jẹ́ àgbà, tí ìpolówó kàn ń pè ní "ìwọ" láìròtẹ́lẹ̀, máa ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n tú wá láti èdè mìíràn, ìyẹn nìkan sì tó láti mú kó fura.

Bí èrò tí ẹ fẹ́ sọ bá tó bíi mẹ́jọ tí gbogbo wọn sì jẹ́ ìwọ̀n tàbí nọ́ńbà lásán, ẹ lè tò wọ́n ní ìlà ìlà. Àmì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà lásán ti tó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èmójì kankan lẹ́tọ̀ọ́ láti padà

Mi ò bá èmójì jà. Ìbéèrè mi ni pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Bó bá ń ṣe iṣẹ́ ojú, bíi ti ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà. Olùrà kan kọ̀wé pé òun ti gba àtùpà òun, àti pé ọmọ òun kò jẹ́ kí òun fọwọ́ kàn án mọ́. Obìnrin náà fèsì pé kí wọ́n ra èkejì nìyẹn o 😄. Ẹ̀rín yẹn jẹ́ ká mọ̀ pé àwàdà ni, pé kò fi ọ̀ranyàn mú ẹnikẹ́ni. Èèyàn kan ló ń rẹ́rìn-ín sí èèyàn kan. Kò sẹ́ni tó máa rí i tó máa ní ẹ̀rọ ni.

✨, 🚀 àti 🔥 kì í ṣe ojú. Wọn kò sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lára ẹni tó ń sọ ọ́, ọjà ni wọ́n ń yìn. Mo máa ń yọ àwọn mẹ́ta yìí láìwẹ̀yìn nínú ọ̀rọ̀ ìpolówó.

Ẹ̀yin tí àwọn oníbàárà yín jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n fúnra wọn ń fi èmójì sọ̀rọ̀, tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ wo bí àwọn náà ṣe ń kọ ọ́ sí yín. Ẹ ó rí i pé ó sábà máa ń wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀, ó máa ń jẹ́ èyí tí kò bójú mu fún ọjà rárá, kì í sì í tò bíi sójà níwájú ìlà. Tí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀kan sí i, ẹ fi í sí ẹ̀yìn gbolóhùn, kí ó sì jẹ́ ọ̀kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbọ́ ọ létí

Àwọn tí ojú wọn kò ríran máa ń lo sọ́fítíwíà tó ń ka ohun tó wà lójú fóònù sókè. Lórí iPhone, orúkọ rẹ̀ ni VoiceOver; lórí Android, TalkBack ni. Èyí tó jẹ́ ti fóònù yín sábà máa ń wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní ibi ètò ìrànlọ́wọ́ fún àwọn aláìlera. Ẹ kọ́kọ́ kà nípa bí wọ́n ṣe ń pa á kí ẹ tó tan án, torí pé bí a ṣe ń fọwọ́ tẹ fóònù máa ń yí padà tó bá ti wà ní títàn.

Ẹ jẹ́ kó ka ìpolówó àkọ́kọ́ yẹn fún yín. Sọ́fítíwíà yìí máa ń ka orúkọ èmójì kọ̀ọ̀kan jáde. Kí "Ṣé o ti ṣetán" tó dé etí, ìràwọ̀ títàn ti kọ́kọ́ dé, òmíràn sì ń bọ̀ lẹ́yìn ìbéèrè náà. Lẹ́yìn ìyẹn, rọ́kẹ́ẹ̀tì, bátìrì, gílóòbù. Ní ìparí, ó lè ka ìka ọwọ́ tó ń tọ́ka sílẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta tẹ̀ léra. Olùrà tó ń fetí gbọ́ ti gbọ́ orúkọ àwòrán méjìlá, kò sì tíì gbọ́ òótọ́ kan nípa àtùpà.

Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí àrùn mìíràn tó jẹ́ ìbátan èyí: àwọn lẹ́tà dúdú kirikiri tàbí wíwọ́ tí àwọn èèyàn ń dà kọ láti orí àwọn ojú ewé kan, bíi 𝗧𝗨𝗡𝗧𝗨𝗡. Ó jọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n àmì ìṣirò ni Unicode kà á sí. Sọ́fítíwíà lè kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ gígùn, ó sì lè fò ó pátápátá. Ẹni tó bá sì wá "tuntun" nínú ojú ewé yín lè má rí i. Ẹ kọ ọ́ ní lẹ́tà gidi.

Bí ẹ bá tún ń fi ránṣẹ́ lórí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù

Èyí kúrú, ṣùgbọ́n owó ń bá a lọ. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba àmì 160 tí gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ bá wà nínú àwọn tí ìlànà GSM mọ̀. Bí ìràwọ̀ kan péré bá wọ inú rẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ náà á bọ́ sí ìlànà mìíràn tó ń gba 70 péré. Tí ó bá gùn ju ìyẹn lọ, ó máa pín sí apá tó ń gba 67, wọ́n sì ń ka owó lórí apá kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ àmì 150, tí ìbá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ kan, á di mẹ́ta nítorí ✨ kan. Lẹ́tà wa tó ní àmì lábẹ́, ẹ, ọ àti ṣ, ń ṣe bákan náà. Àwọn yẹn tọ́ sí owó wọn, torí pé láìsí wọn ọ̀rọ̀ lè yí padà. Ìràwọ̀ kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

Ohun tí èyí kò lè ṣe

Èmójì kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀rọ ló kọ nǹkan. Obìnrin alátùpà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ lè kọ ojú ewé mẹ́wàá láìlo ẹyọ èmójì kan. Nítorí náà, ẹ má fi í dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Yíyọ rẹ̀ kò sì ní wo gbolóhùn tó ti gbó sàn: ìbéèrè tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ tí kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, "kì í ṣe àtùpà lásán, ọ̀nà ìgbé ayé ni," ohun mẹ́ta mẹ́ta tí ẹ tò tẹ̀ léra nítorí pé mẹ́ta dùn létí. Bí ẹ bá ti ṣe ìgbésẹ̀ kejì dáadáa, púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí á ti kú fúnra wọn, torí kò ní sí àyè fún wọn mọ́.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ̀ bóyá ó ti ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wo irú ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń béèrè. Tí wọ́n bá ń béèrè nípa yín, bóyá ẹ wà lóòótọ́, bóyá ẹ kì í ṣe oníjìbìtì, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dúró. Obìnrin náà gbé tuntun yẹn síta ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó fi èsì àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan ló béèrè pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa lò ó bó ṣe ń ṣáàjì lọ́wọ́?"

Ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n á pẹ́ ju wákàtí mẹ́rin lọ kó tó kún. Ó sì fi gbolóhùn yẹn kún ìpolówó náà, sí ẹ̀yìn ibi tó ti sọ iye wákàtí tó fi ń kún.